Ìbéèrè àti ìdáhùn: kí ló ń mú kí ìpolówó fún àwọn ọ̀dọ́langba kọsẹ̀ lórí èmójì àti èdè ìgboro?

Iṣẹ́ mi ni láti ka ọ̀rọ̀ ìpolówó kí ó tó jáde, pàápàá èyí tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ ọdún 13 sí 19. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọjà gidi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí kẹ̀yìn sí nítorí àwòrán kékeré kan tàbí ọ̀rọ̀ kan tí kò yé ẹni tó kọ ọ́. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń bi mí jù lọ nìyí, pẹ̀lú bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn.

Báwo ni èmójì ṣe lè di ti àtijọ́? Ṣebí àwòrán náà kò yí padà?

Àwòrán kò yí padà lóòótọ́. Àwọn tó ń lò ó ló yí padà. Ẹ wo 😂, ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Unicode ni àjọ tó ń fún gbogbo lẹ́tà àti èmójì ní nọ́ńbà kan náà kí ẹ̀rọ gbogbo lè dá wọn mọ̀, inú àkójọ rẹ̀ ti ọdún 2010 sì ni 😂 ti wọlé. Nígbà tó di 2015, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford yàn án ní ọ̀rọ̀ ọdún náà. Nígbà yẹn, ó ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn: ìyá, bàbá, olùkọ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ ọ́ ní gbangba lórí TikTok pé èmójì àwọn àgbà ni, àwọn ilé ìròyìn sì gbé e káàkiri. Tí nǹkan bá pa àwọn ọmọ náà lẹ́rìn-ín, 💀 tàbí 😭 ni wọ́n ń fi sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni èdè àwọn ọmọ máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ó sì ń fi hàn pé ọ̀kan náà ni àwọn tó ń sọ ọ́. Tí gbogbo ayé bá ti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ kejì tán nìyẹn, wọ́n á sì wá òmíràn. Kò sí ẹni tó pàdé pọ̀ láti pinnu rẹ̀. Ọmọ kan á rí i pé ìyá òun náà ti ń fi 😂 ránṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, tí ilé-iṣẹ́ bá fi 😂 parí gbólóhùn, àwọn ọmọ kò ní rò pé inú ilé-iṣẹ́ náà dùn. Ọjọ́ orí ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà níbẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ilé-iṣẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó rẹ́rìn-ín, ohun tí àwọn ọmọ kì í sì í dárí jì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ fi hàn pé 😂 ni wọ́n ń lò jù. Kí ló dé tí a kò fi ní tẹ̀ lé e?

Àkọsílẹ̀ náà kò parọ́. Ní 2021 kan náà tí àwọn ọmọ ń fi 😂 ṣe yẹ̀yẹ́, Unicode gbé àkójọ jáde pé òun ló wà nípò kìíní, tó sì kó ju ìdá 5 nínú 100 gbogbo èmójì tí wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ orí ni wọ́n kà pọ̀ mọ́ra. Bí ohun kan bá wà nípò kìíní láàárín gbogbo ayé, àpẹẹrẹ ni pé ó ti kúrò ní ti àwọn ọmọ nìkan. Mo ti rí àwọn apolówó tí wọ́n gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé láti fi gba àṣẹ, tí gbogbo yàrá sì gbà fún wọn, nígbà tí nọ́ńbà tí wọ́n ń fi yangàn gan-an ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má lò ó.

Ẹ béèrè ta ló ń lò ó, kí ẹ sì béèrè ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀. Iye àwọn tó ń lò ó kò dáhùn ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àwọn ọmọ kọ 💀 sábẹ́ àtẹ̀jáde wa. Ṣé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ wa ni?

Rárá o. Ẹ̀rín ló pa wọ́n, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn. Mo mọ ilé-iṣẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó gbà pé wọ́n ń gbé ilé-iṣẹ́ ṣépè. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni kí ẹ kà wọ́n pọ̀, kí ẹ sì lọ sọ fún ọ̀gá pé ìpolówó náà dùn mọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀ ń sọ kí 💀 tó dé. Bí àwàdà lẹ ṣe, tí ọmọ kan kọ 💀, tó sì pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí òun náà wá wò ó, ẹ̀rín rere nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ adùn tuntun lẹ kéde tàbí iye owó, tí kò sí àwàdà kankan níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Àmì mìíràn wà: wọ́n á tún gbólóhùn yín kọ lódindi láìfi nǹkan kan kún un, wọ́n á sì fi 💀 sí ìparí rẹ̀. Tí ẹ bá rí èyí, ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbólóhùn náà tí ẹ ṣì lò. Ẹ lọ wá a, kí ẹ tó tún un lò níbòmíràn.

A mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, a sì lò ó. Kí ló dé tí wọ́n ṣì fi wá rẹ́rìn-ín?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ mọ ìtumọ̀ kí ẹ má mọ ìlò. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀kan palẹ̀ dáadáa, torí irú àṣìṣe yìí ni mo máa ń bá pàdé jù.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń ta omi èso. Ẹni tó ń kọ ìpolówó wọn gbọ́ "no cap" lẹ́nu àwọn ọmọ, ó wádìí rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ó túmọ̀ sí "mi ò parọ́". Nígbà tó rí i pé fìlà 🧢 máa ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn, ó gbà pé àmì òtítọ́ ni fìlà. Ó wá kọ ọ́ sára ìpolówó pé: "Kò sí ṣúgà kankan nínú rẹ̀ 🧢". Ọ̀gá rẹ̀ kà á, fìlà lásán ló rí, ó fọwọ́ sí i.

Nínú èdè náà, "cap" ni irọ́. "No" tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di òtítọ́. Tí 🧢 bá dá wà, irọ́ ni. Ohun tí àwọn ọmọ kà nínú ìpolówó yẹn ni pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, irọ́ sì ni. Ilé-iṣẹ́ náà fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́, lórí ọ̀rọ̀ tó kan ohun tí àwọn ọmọ ń mu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti ya àwòrán rẹ̀ lójú fóònù, á sì ti máa kiri láàárín wọn. Kódà bí ilé-iṣẹ́ náà bá yọ ọ́ kúrò, àwòrán kò ní kúrò lọ́wọ́ wọn.

Tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti wo ibi tí 🧢 máa ń jókòó sí, ì bá ti rí i. Abẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló sábà máa ń wà: ẹnì kan á sọ pé òun borí, ẹlòmíràn á sì fi fìlà dá a lóhùn. Ẹni tó ń jiyàn ló ń lò ó, ẹni tó ń ṣèlérí kì í lò ó.

Ká tiẹ̀ sọ pé ó kọ "no cap" gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, mi ò ní fọwọ́ sí i. Láti inú èdè àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ó gba inú orin ràápù kọjá kí ó tó dé ẹnu àwọn ọmọ níbi gbogbo. Ọ̀rẹ́ ló ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ nígbà tí ìtàn bá dà bí ohun tí kò ṣeé gbà gbọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá búra pé òun kò parọ́ nípa ohun tó wà nínú ìgò, ẹni tí kò rò pé irọ́ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Báwo ni ọ̀rọ̀ tuntun ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó gbó mọ́ ilé-iṣẹ́ lẹ́nu?

Kò ní òṣùwọ̀n kan pàtó, ṣùgbọ́n ìtàn "on fleek" hàn gbangba dé ibi pé a lè fi oṣù kà á. Ní June 2014, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan ní Chicago ya fídíò kékeré sórí Vine, ìkànnì kan tí kò sí mọ́, níbi tí fídíò kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ nígbà náà, ó fi ń yin irun ojú ara rẹ̀ pé ó gún régé. Ọ̀rọ̀ náà tàn bí iná. Ní October ọdún yẹn, IHOP, ilé oúnjẹ ńlá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sórí Twitter pé "Pancakes on fleek". Nígbà tí December fi máa parí, ẹnì kan ti ṣí ojúlé @BrandsSayingBae, tó ń kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu àwọn ilé-iṣẹ́ jọ kí ayé lè wò wọ́n. Láàárín nǹkan bí oṣù 6, ọ̀rọ̀ tó wá láti ẹnu ọmọ kan ti di ohun tí wọ́n fi ń dá ilé-iṣẹ́ mọ̀.

Ó yẹ kí a rántí ọmọ náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún oníròyìn pé òun kò tíì rí owó kankan gbà nídìí ọ̀rọ̀ tí òun fún ayé. Àwọn ọ̀dọ́langba mọ irú ìtàn báyìí. Nígbà tí wọ́n bá ń bínú pé ilé-iṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn, kì í ṣe torí pé ọ̀rọ̀ náà ti gbó nìkan. Wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ló ni ín, tí wọn kò sì bi í.

Ẹ wá fi oṣù mélòó kan yìí wé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà ní ilé-iṣẹ́. Akọ̀wé á gbọ́ ọ nígbà tó ti tàn ká, torí kì í sí níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Á gbé e lọ sí ìpàdé. Ọ̀gá á ní kí wọ́n dúró. Lọ́yà á kà á. Ayàwòrán á ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ara páálí ọjà ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí, ìtẹ̀wé àti gbígbé ọjà kiri á tún gba oṣù mìíràn, páálí náà á sì wà lórí pẹpẹ títí ọjà inú rẹ̀ á fi tán. Nígbà tí ọmọ kan bá máa mú un lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ náà á dà bí ẹni tó múra dé òde àríyá nígbà tí wọ́n ti ń ká àga. IHOP tó kọ tirẹ̀ sórí Twitter, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń yá, kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sín. Tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sára páálí ńkọ́?

Èwo ló burú jù: ọ̀rọ̀ tó ti gbó, àbí ọ̀rọ̀ tí a ṣì gbọ́?

Èyí tí ẹ ṣì gbọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tó gbó á mú kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì kọjá. Èyí tí ẹ ṣì gbọ́ lè sọ ohun tí ẹ kò ní fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́.

Ní 2005, McDonald's gbé ìpolówó kan sórí ayélujára fún bọ́gà oníwàràkàṣì, níbi tí ọkùnrin kan ti ń wo bọ́gà náà tó sì ń sọ pé "I'd hit it". Ẹni tó kọ ọ́ ti ní láti rò pé ó túmọ̀ sí "èyí wù mí". Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn, ohun tí ọkùnrin ń sọ nípa obìnrin tó wù ú láti bá sùn ni. Wọ́n fi ìpolówó náà ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayélujára.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé ni mo fẹ́ kí ẹ wò. "Èyí wù mí" kò jìnnà sí i, ó sì bá gbogbo gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ yọ mu. Ìtumọ̀ tó sún mọ́ òtítọ́ báyìí léwu ju èyí tó jìnnà pátápátá lọ, torí kò sí ohun tó máa ta yín lólobó. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè ni: kí ni wọ́n máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí nípa rẹ̀? Tí ẹ bá wo ogún ibi tí wọ́n ti lò ó, tí ẹ rí i pé ènìyàn ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, tí kì í ṣe oúnjẹ, ó ti tó kí ẹ dúró.

Ti DiGiorno, tó ń ta písà, wúwo jù. Ní September 2014, àwọn obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ ń lù ń fi àmì #WhyIStayed sọ ìdí tí wọn kò fi tètè jáde. Ilé-iṣẹ́ náà rí i pé àmì náà ń gbòde, ó kọ ọ́ pé torí písà lòun fi dúró. Wọ́n yára pa á rẹ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn kò ka ohun tí àmì náà dá lé kí àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Kíka àtẹ̀jáde mẹ́wàá péré ì bá ti gbà wọ́n.

Èso là ń tà. Ṣé a kò lè lo 🍑 àti 🍆 ni?

Àwọn ọ̀dọ́ kì í rí èso níbẹ̀. Ìdí ènìyàn ni ti àkọ́kọ́, nǹkan ọmọkùnrin ni ti èkejì. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2015 Instagram dí wíwá 🍆 pa lórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò èso gidi síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa ṣì í gbọ́.

Ṣé ìwé atúmọ̀ èdè ìgboro lórí ayélujára kò tó?

Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Á sọ ìtumọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò ní sọ ẹni tó ń sọ ọ́ lónìí tàbí ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tiẹ̀ wà tí wọn kò ní ìtumọ̀ tí a lè kọ sílẹ̀. Ní 2025, Dictionary.com yan "67" ní ọ̀rọ̀ ọdún. Adùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ ni pé àgbà kò lè rí ìdí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ ọ́ sára ìpolówó láti fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n ti ba adùn yẹn jẹ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà wádìí ni pé mo máa ń wá ọ̀rọ̀ náà lórí ìkànnì tí àwọn ọmọ ń lò gan-an, màá sì to àbájáde rẹ̀ kí èyí tó tuntun jù wà lókè. Màá ka bí ogójì, láìkánjú. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí òbí, olùkọ́, ilé ìròyìn àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láàárín wọn, ọ̀rọ̀ náà ti ń kú lọ. Bí àwọn ọmọ fúnra wọn bá ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdíbọ́n, bíi pé wọ́n ń sín àgbà jẹ, ó ti kú.

Ká kúkú bi àwọn ọmọ léèrè. Ṣé ìyẹn tó?

Ó tó bí ẹ bá bi wọ́n dáadáa. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀?" Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ á ní òun fẹ́ràn rẹ̀, torí àgbà ló bi í. Ẹ má sì fi ọ̀ràn náà mọ sí ọmọ ọ̀gá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín lára rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé ta ni wọ́n rò pé ó kọ ọ́, ọmọ ọdún mélòó sì ni. Bí ọmọ náà bá ní "ilé-iṣẹ́ kan" tàbí "ìyá ẹnì kan", ẹ ti rí ìdáhùn yín. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó kọ èsì tí òun máa fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá fi èyí hàn án. Èsì yẹn ló máa ń sọ òtítọ́. Mo máa ń wá tó ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ, láti ilé ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ síra, torí ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì kan lè ní ìtumọ̀ tó jẹ́ tiwọn nìkan.

Ẹ má sì retí pé gbogbo wọn á fẹnu kò. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Minnesota fi hàn ní 2016 pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ń wo àwòrán èmójì kan náà kì í fohùn ṣọ̀kan, ní bí ìgbà kan nínú mẹ́rin, bóyá inú dídùn ló ń sọ, tàbí ìbànújẹ́, tàbí kò sí ìkankan. Bí àwọn ọmọ yín bá pín sí méjì lórí èmójì kan, ẹ yọ ọ́.

A ti gbé e jáde, wọ́n sì ti ń fi wá ṣẹ̀sín. Kí la lè ṣe?

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbó lásán, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí ẹ bá ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú èdè ìgboro mìíràn, ẹ kàn ń fún wọn ní àwòrán kejì tí wọ́n máa yà ni. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó dun ẹnì kan, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú, ní èdè gbogbo ènìyàn, láìsí èmójì kankan nínú rẹ̀.

Ṣé kí a má wulẹ̀ lo èdè wọn rárá?

Lára ohun tó máa pẹ́, bíi páálí, pátákó ojú títì àti ìpolówó tẹlifíṣọ̀n, mi ò gbà á láyè. Ẹ sọ ohun tí ọjà náà ń ṣe ní èdè tó mọ́. Àwọn ọmọ kì í bínú sí ilé-iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ bí ilé-iṣẹ́.

Lórí ìkànnì tí àtẹ̀jáde kì í ju ọjọ́ kan lọ, ó ṣeé ṣe, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá jẹ́ ẹni tó ń sọ èdè náà nílé, tó sì ní àṣẹ láti gbé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí Duolingo, ilé-iṣẹ́ tó ń fi fóònù kọ́ni ní èdè, ṣe lórí TikTok láti 2021 nìyẹn: wọ́n gbé òwìwí tó jẹ́ àmì wọn lé ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, wọ́n sì fún un láyè. Bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá lè fún ọ̀dọ́ kan ní irú àyè bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá mẹ́rin kọjá, ẹ fi èdè ìgboro sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.